Wúrà Kì í Bímọ: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Eliozu Lórí Tókìn Góòlù

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gbé Eliozu, pàápàá ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ gbé wá sí Pọ́tákọ́ọ̀tì, ìbéèrè kan ni ẹ ń gbé wá bá mi jù lásìkò yìí. Ẹ ní ẹnì kan ní kí ẹ wá fi owó pamọ́ sínú góòlù orí fóònù. Ẹ kò ní gbé góòlù wálé, ẹ kò ní wá kọ́kọ́rọ́ fún àpótí; owó ni ẹ ó san, tókìn ni wọn yóò kọ sí orúkọ yín, wọn yóò sì sọ pé góòlù gidi wà níbì kan tó dúró fún tókìn náà. Mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń wọ̀ yín létí. Náírà ti já yín kulẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, áúńsì góòlù kan kọjá 3,000 dọ́là, kí ọdún náà tó parí ó sì ti kọjá 4,000. Ẹni tó ń rí i tí owó oṣù rẹ̀ ń rọ bí góòlù ṣe ń gòkè, kò burú bó bá fẹ́ bá góòlù lọ.

Nítorí náà n kò ní sọ fún yín pé kí ẹ má rà á. Tókìn góòlù tó jẹ́ òótọ́ wà. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ mọ ohun tí ẹ ó yẹ̀ wò kí ẹ tó fi owó sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó pàdánù owó lórí góòlù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò pàdánù rẹ̀ nítorí pé góòlù já wálẹ̀. Wọ́n pàdánù rẹ̀ nítorí pé ìlérí ni wọ́n rà, wọ́n sì rò pé góòlù ni.

1. Bi í léèrè ibi tí èrè ti ń wá.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé bí ẹ bá di èyí nìkan mú, ẹ ti bọ́ nínú ìdajì ewu. Wúrà kì í bímọ. Ewúrẹ́ tí o rà ní ọjà Oil Mill lọ́jọ́ Ọjọ́rú lè bí méjì kí ọdún tó yí, ṣùgbọ́n gíráàmù wúrà mẹ́wàá tí o tì mọ́ inú àpótí lónìí, gíráàmù mẹ́wàá náà ni wàá bá níbẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún. Kì í mú owó ilé wá, kì í san èlé. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹni tó ni góòlù fi ń jèrè ni kí iye tí ọjà ń rà á gòkè lẹ́yìn tí ó ti rà á. Iye náà sì ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú: ní ọdún 2011 ó súnmọ́ 1,900 dọ́là fún áúńsì kan, nígbà tí ọdún 2015 fi máa parí ó ti wálẹ̀ dé nǹkan bí 1,050. Ẹni tó rà á lókè dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún kí owó rẹ̀ tó padà pé.

Kódà, títọ́jú góòlù ń náni lówó. Ilé ìṣúra ń gba owó, ẹ̀ṣọ́ ń gba owó, adójútòfò ń gba owó. Ibi tó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n ti máa ń gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, ì báà jẹ́ nígbà tí o ń rà, nígbà tí o ń tà tàbí lọ́dọọdún. Bí ẹnì kan bá wá sọ pé òun yóò máa san owó fún ọ lóṣooṣù nítorí pé góòlù rẹ wà lọ́dọ̀ òun, dá a dúró níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Menzgold fún yín ní kíkún, torí ìtòsí wa níbí ló ti ṣẹlẹ̀, ní Gánà, kò sì tíì pẹ́. Nana Appiah Mensah, tí gbogbo ayé mọ̀ sí NAM1, ló dá a sílẹ̀. Bí ètò náà ṣe rí nìyí: ìwọ oníbàárà yóò ra góòlù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan tó tan mọ́ wọn, wàá gbé góòlù náà fún Menzgold kí wọ́n máa bá ọ fi ṣòwò, wọn yóò sì máa san ohun tí wọ́n pè ní àfikún iye fún ọ lóṣooṣù. Àfikún náà jẹ́ láti ìdá méje dé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ. Ọ̀pọ̀ wọn kò fojú kan góòlù tí wọ́n rà. Ìwé ni wọ́n gbà, owó sì ń wọlé lóṣooṣù, nítorí náà ọkàn wọn balẹ̀. Àwọn òṣèré àti olórin tó lókìkí ń polówó rẹ̀. Báǹkì Àgbà Gánà kìlọ̀ pé wọn kò ní àṣẹ láti gba owó ìfipamọ́ lọ́wọ́ ará ìlú, àwọn oníbàárà sì bínú sí báǹkì náà.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn kó mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan wá: ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù nìyẹn. Ká tilẹ̀ gbà pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi ra góòlù, tí wọn kò jẹ kọ́bọ̀ kan níbẹ̀. Lóṣù àkọ́kọ́, ìdá mẹ́wàá tí wọ́n ṣèlérí jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá. Góòlù kò bímọ, nítorí náà wọn yóò ta lára rẹ̀ láti san án. Lóṣù kejì, mílíọ̀nù mẹ́wàá mìíràn. Nígbà tó bá fi máa pé oṣù mẹ́wàá, góòlù ti tán pátápátá, ọgọ́rùn-ún ènìyàn sì ṣì gbà pé mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan àwọn wà nílẹ̀. Kí ó má bàa rí bẹ́ẹ̀, iye góòlù ní láti ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọdún kan ṣoṣo. Báwo ni ọjà góòlù ṣe rí ní ọdún 2018, tí ètò náà dúró? Ní oṣù kẹjọ 2018, áúńsì kan wálẹ̀ lábẹ́ 1,200 dọ́là, bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀ ó ti wà ní nǹkan bí 1,300. Góòlù ń sọ̀ kalẹ̀, Menzgold sì ń san ìdá méje àti ìdá mẹ́wàá lóṣooṣù. Owó náà kò lè ti inú góòlù wá. Ibi kan ṣoṣo tó kù ni àpò ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Ní oṣù kẹsàn-án 2018, àjọ tó ń ṣàkóso ìdókòwò ní Gánà pàṣẹ pé kí wọ́n dáwọ́ ètò náà dúró torí pé wọn kò ní ìwé àṣẹ fún un. Bí ẹni tuntun kò ṣe lè wọlé mọ́, owó oṣù dúró. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rí wà: ká ní góòlù wà nílẹ̀ lóòótọ́, àṣẹ yẹn kò ní dí wọn lọ́wọ́ láti dá góòlù olówó padà fún olówó. Ọ̀gá náà lọ sí Dùbáì, ọ̀rọ̀ di ẹjọ́ níbẹ̀, ó padà dé Accra ní oṣù keje 2019, ọlọ́pàá sì mú un. Iye tí agbẹjọ́rò ìjọba sọ pé wọ́n gbà lọ́wọ́ ará ìlú ju bílíọ̀nù kan ààbọ̀ sídì lọ. Ní ọdún 2023 wọ́n tún ka ẹ̀sùn mọ́kàndínlógójì sí i lọ́rùn, ó sì ní òun kò jẹ̀bi. Ẹjọ́ ni tirẹ̀, ilé ẹjọ́ ni yóò dá a. Tèmi ni ìṣirò yẹn, torí ẹnikẹ́ni tó bá ní bébà àti bírò lè ṣe é kí ó tó san kọ́bọ̀ kan.

2. Má ṣe wo ìwé àṣẹ lójú lásán. Ka ohun tí wọ́n fún un láṣẹ láti ṣe.

Menzgold ní ìwé. Òwò góòlù ni ìwé náà wà fún, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣàkóso ohun àlùmọ́ọ́nì. Kò fún wọn láṣẹ láti gba owó ará ìlú kí wọ́n máa san èlé lé e. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọn yóò fi ìwé CAC hàn yín, tí ó kàn ń sọ pé orúkọ ilé iṣẹ́ náà ti wà lákọsílẹ̀, bí ti ẹni tó ń ta búrẹ́dì ṣe wà lákọsílẹ̀. Wọn yóò fi ìwé SCUML hàn yín, tí ó ní àmì EFCC lórí, ẹ ó sì rò pé EFCC ti fọwọ́ sí wọn. Rárá o. Àkọsílẹ̀ ni SCUML náà jẹ́, nítorí òfin tó ń dènà fífi owó ẹ̀ṣẹ̀ pamọ́. Àwọn CBEX tó wó lulẹ̀ ní oṣù kẹrin 2025, tí àwọn ọ̀dọ́ fi wọ ọ́fíìsì wọn ní Ìbàdàn tí wọ́n kó ẹrù ibẹ̀, ní irú ìwé yìí lọ́wọ́. Wọ́n ṣèlérí pé owó yóò di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.

Ilé tó bá ń gba owó lọ́wọ́ yín kí ó lè jèrè fún yín, tàbí tó ń ta tókìn tí wọ́n ní ohun kan dúró fún, ọ̀dọ̀ àjọ SEC ni ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wá. Òfin ìdókòwò tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2025 ti ka irú dúkìá orí íńtánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun ìdókòwò. Ó sì ti fi owó ìtanràn tí kò dín ní ogún mílíọ̀nù náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, tàbí méjèèjì, lélẹ̀ fún ẹni tó bá ń ṣe ètò pọ́ńsì.

Bí ẹ ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Ẹ má tẹ ìlujá tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ sec.gov.ng, kí ẹ wá orúkọ ilé iṣẹ́ náà lára àwọn tí wọ́n fún láṣẹ, kí ẹ sì ka irú iṣẹ́ tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tí wọ́n ní kí ẹ san owó sí. Bí orúkọ tó wà lójúlé SEC bá jẹ́ ọ̀kan, tí ti àkáǹtì báǹkì jẹ́ òmíràn, tàbí tó jẹ́ orúkọ ènìyàn lásán, ẹ má san án. Ohun kan sì tún wà tí àwọn ọmọ tó mọ̀wé pàápàá máa ń gbójú fò. Ní oṣù kẹjọ 2024, SEC fún Quidax àti Busha ní ìfọwọ́sí ìbẹ̀rẹ̀ láti máa ṣe ọjà pàṣípààrọ̀ dúkìá orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọjà ni wọ́n fọwọ́ sí. Wọn kò fi ìyẹn jẹ́rìí pé gbogbo tókìn tí ẹ bá rí lórí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní góòlù lẹ́yìn.

3. Ní kí wọ́n sọ ibi tí góòlù wà, ẹni tó ń ṣọ́ ọ, àti iye rẹ̀ gan-an.

Kí ẹ lè mọ ayédèrú, ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí gidi ṣe rí. Ẹ wo tókìn tí wọ́n ń pè ní PAX Gold, tí ilé iṣẹ́ Paxos ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án 2019. Tókìn kan jẹ́ áúńsì wúrà kan, ìyẹn gíráàmù mọ́kànlélọ́gbọ̀n àti díẹ̀. Góòlù náà wà ní àwọn ilé ìṣúra ní Lọ́ńdọ̀nù, ó jẹ́ àwọn ọ̀pá ńláńlá tí ọjà Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni tó bá ní tókìn náà ní àpamọ́wọ́ tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lè tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ sórí ojúlé Paxos, kí ó sì rí nọ́ńbà ọ̀pá góòlù tí ìpín rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Lóṣooṣù ni ilé iṣẹ́ oníṣirò tí kì í ṣe tiwọn ń fọwọ́ sí ìwé tó ń fi iye tókìn tó wà níta wé iye áúńsì tó wà nínú ilé ìṣúra. Mi ò sọ pé kí ẹ lọ rà á o. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn ohun tí góòlù orí íńtánẹ́ẹ̀tì lè fi hàn nìyẹn, kò sì sídìí tí ẹlòmíràn yóò fi sọ fún yín pé àṣírí ni.

Kí ẹ lè fojú inú rí ọ̀pá bẹ́ẹ̀, ẹ rántí oṣù keje ọdún 2020, nígbà tí wọ́n gbé góòlù kílò méjìlá ààbọ̀ tí àwọn awakùsà ọmọ Nàìjíríà wà jáde wá han Ààrẹ Buhari ní Àbújá. Báǹkì Àgbà ra ìyẹn ní nǹkan bí 268 mílíọ̀nù náírà. Ìwọ̀n ọ̀pá ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn.

Ẹ wá fi ìwọ̀n yìí wọn àwọn tó ń wá bá yín. Iye tókìn tó wà níta kì í ṣe ohun tó pamọ́ bí tókìn náà bá wà lórí Ethereum: ẹnikẹ́ni lè ṣí etherscan.io, kí ó tẹ àdírẹ́sì tókìn náà síbẹ̀, kí ó sì ka nọ́ńbà tó wà ní ibi tí wọ́n kọ `Max Total Supply` sí. Ká ní wọ́n ní tókìn kan jẹ́ gíráàmù kan, ẹ sì rí mílíọ̀nù márùn-ún níbẹ̀. Mílíọ̀nù márùn-ún gíráàmù jẹ́ 5,000 kílò, èyí tó jẹ́ irinwó ọ̀pá bí èyí tí Buhari rí. Ilé ìṣúra wo ló gba irinwó ọ̀pá náà? Níbo ni àkọsílẹ̀ nọ́ńbà wọn wà? Ta ni oníṣirò tó lọ kà wọ́n? Bí ìdáhùn bá jẹ́ fídíò ẹnì kan tó ń fọwọ́ pa góòlù lórí tábìlì, ẹ dìde. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ní góòlù náà ṣì wà nínú ilẹ̀, ní ibi ìwakùsà tí wọ́n ní àwọn ti rà, ẹ tètè dìde. Góòlù tí a kò tíì wà kò ṣeé gbé fún ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó mọ iye tó máa náni láti wà á.

Bí wọ́n bá fi ìwé oníṣirò hàn yín, ẹ má fi orí ìwé náà mọ ilé iṣẹ́ oníṣirò náà. Ẹ lọ sí ojúlé tirẹ̀, ẹ wá nọ́ńbà rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ bi wọ́n bóyá àwọn ló kọ ọ́. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé tó sọ pé góòlù wà ní oṣù kìíní ọdún tó kọjá kò sọ ohunkóhun nípa òní.

Èyí tó ń mú ọ̀pọ̀ yín ni pé ẹ kò di tókìn náà mú fúnra yín rárá. Áàpù kan ló sọ fún yín pé ẹ ní tókìn góòlù méjì. Nọ́ńbà tí ẹ̀ ń rí lórí áàpù, oní-áàpù ló kọ ọ́, ó sì lè kọ ọ́ láìra ohunkóhun. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi díẹ̀ nínú tókìn náà ránṣẹ́ kúrò lórí áàpù wọn sí àpamọ́wọ́ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ mọ̀ pé oní-áàpù ni ẹ yá lówó. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, ẹ fi àdírẹ́sì tókìn tó wọlé wé èyí tí ilé iṣẹ́ tó dá a sílẹ̀ kọ sí ojúlé ara rẹ̀, torí ẹnikẹ́ni lè ṣe tókìn mìíràn kí ó sì sọ ọ́ ní orúkọ kan náà.

4. Kí góòlù wà kò tó. Béèrè bóyá o lè gbà á.

Ìtàn tó yé mi jù lórí èyí ti orílẹ̀-èdè Sìmbábúwè wá, kì í sì í ṣe ti oníjìbìtì rárá. Báǹkì Àgbà ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Ní oṣù karùn-ún 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta tókìn orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí góòlù dúró fún, ará ìlú sì lè fi dọ́là mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó tuntun jáde, wọ́n pè é ní ZiG, wọ́n ní góòlù àti owó ilẹ̀ òkèèrè ló dúró fún un. Góòlù wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n sún iye ZiG láti nǹkan bí 14 sí dọ́là kan lọ sí 24 àti díẹ̀. Ẹni tó sùn pẹ̀lú ZiG rẹ̀ jí, ó sì bá a pé ó ti dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́tàlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún. Góòlù ọjà àgbáyé kò já lọ́jọ́ náà. Ní ọdún yẹn gan-an ló ń gòkè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó mú ZiG lọ́wọ́ kò lè gbé e lọ sí báǹkì kí ó sọ pé ẹ gbé góòlù mi fún mi. Bí kò bá sí ẹ̀tọ́ láti gbà á, ẹni tó ń ṣọ́ góòlù náà ló ń sọ iye tí ìwé rẹ tó.

Nítorí náà, kí ẹ tó wọlé, ẹ ka ìwé àdéhùn wọn títí ẹ ó fi rí ibi tí wọ́n ti sọ bí a ṣe ń gba góòlù tàbí owó jáde. Ẹ wá ohun mẹ́ta níbẹ̀: iye tó kéré jù tí wọ́n lè gbé fún ẹni, ọjọ́ mélòó ló ń gbà, àti iye tí wọ́n ń yọ. Kódà níbi tó jẹ́ òótọ́, ìdáhùn lè yà yín lẹ́nu. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀pá góòlù gidi lọ́wọ́ Paxos gbọ́dọ̀ ní tókìn bí 430. Ní iye 3,000 dọ́là, ìyẹn ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ, Lọ́ńdọ̀nù ni yóò sì ti gbà á. Kò sí ọmọ Eliozu kan tó ń fi owó oṣù pamọ́ tí ìyẹn wà fún. Fún irú yín, gbígbà á jáde túmọ̀ sí pé kí ẹ tà á lórí ọjà, kí dọ́là rẹ̀ sì di náírà. Ibẹ̀ sì ni owó ti ń jò: wọ́n tà á fún yín ní iye tó ga díẹ̀ ju ti ọjà lọ, wọ́n rà á padà ní iye tó rẹlẹ̀ díẹ̀, wọ́n tún yọ tiwọn nínú iye dọ́là. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á. Ẹ béèrè pé bí mo bá tà á padà fún yín ní wákàtí yìí, èló ni yóò dé àkáǹtì mi? Bí ohun tí yóò dé bá dín ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ nínú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà, góòlù gbọ́dọ̀ gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jèrè.

5. Owó tí wọ́n san fún ẹni tí o mọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí.

Èyí kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ẹni tó ń gbé Pọ́tákọ́ọ̀tì. Ìlú wa yìí ni MBA Forex ti jáde. Wọ́n san fún àwọn tó kọ́kọ́ wọlé, àwọn yẹn mú ìyàwó wọlé, wọ́n mú ará ṣọ́ọ̀ṣì àti ará ibi iṣẹ́ wọlé. Nígbà tí ọdún 2020 ń parí lọ, owó kò jáde mọ́, ní ọdún 2021 sì ni EFCC kéde pé àwọn ń wá ọ̀gá ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó pe ẹlòmíràn síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀daràn. Wọ́n ti rí owó gbà lóòótọ́, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Sísan fún ẹni àkọ́kọ́ ni ohun tí irú ètò bẹ́ẹ̀ fi ń polówó ara rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n yín nínú ìjọ bá fi àlàáátì báǹkì hàn yín pé owó wọlé fún òun, ẹ bá a yọ̀, kí ẹ sì padà sí ìbéèrè àkọ́kọ́: níbo ni owó náà ti wá?

6. Bí o bá ti wà nínú rẹ̀, má san owó kí o tó gba owó.

Nígbà tí CBEX tì, wọ́n ní kí àwọn oníbàárà san ọgọ́rùn-ún dọ́là, kí àwọn tó ní owó púpọ̀ san igba, kí wọ́n lè fi hàn pé àkáǹtì náà jẹ́ tiwọn. Àwọn kan lọ yá owó láti san án. Ní Gánà, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí owó ti dúró, Menzgold ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ kọ́kọ́ ra káàdì ìfìdímúlẹ̀ kan ní 650 sídì. Ilé tó ní owó rẹ lọ́wọ́ lóòótọ́ lè yọ ohun tó fẹ́ gbà nínú rẹ̀. Èyí tó ní kí o mú owó tuntun wá láti ìta, kò sí tàtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Bí áàpù kò bá jẹ́ kí o gba owó rẹ, ya àwòrán gbogbo ohun tó wà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n tó tì í: iye tó kù, ìtàn owó tó wọlé àti èyí tó jáde, ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí Wáásáàpù, nọ́ńbà fóònù wọn. Lọ sí báǹkì rẹ, gba ìwé àkáǹtì tó fi orúkọ ẹni tí o san owó fún hàn, kí o sì sọ fún wọn pé jìbìtì ni o fura sí, torí bí owó náà bá ṣì wà nínú àkáǹtì ẹni náà, ó ṣeé dì mú, ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ ló fi ń wà bẹ́ẹ̀. Kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì EFCC tó wà ní Pọ́tákọ́ọ̀tì níbí, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí SEC pẹ̀lú, kí o sì gba ìwé pé wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ. Lẹ́yìn náà, pe àwọn tí ìwọ fúnra rẹ mú wọlé, lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́jọ́ yẹn kan náà. Mo mọ̀ pé ojú yóò tì ọ́. Àwọn kan yóò bú ọ, pàápàá ẹni tó dàgbà jù ọ́ tó fi owó gírátúítì rẹ̀ síbẹ̀. Sọ fún wọn síbẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe san owó ìfìdímúlẹ̀ tí wọ́n máa tó béèrè lọ́wọ́ wọn, kí àwọn náà sì gbé ìwé tiwọn lọ.